Fíláyà Olójú Kan: Bí Ọjà, Iye Owó àti Nọ́ńbà Fóònù Ṣe Lè Tètè Hàn sí Ẹni Tó Ń Kọjá Lọ

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, a dúró ní Ríǹgì Róòdù níbí ní ìlú Bìní, níbi tí èrò ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin kan ń pín ìwé pélébé ìpolówó tí gbogbo wa ń pè ní fíláyà. Ó ń nà án sí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀, wọ́n sì ń gbà á. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń gbà á ni wọ́n ń sọ ọ́ nù. Ẹni tó pẹ́ jù lọ nínú wọn wò ó bí ìgbà tí èèyàn bá ka ení dé àrún, ó sì jù ú sílẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ lé bọ́ọ̀sì. A he ọ̀kan nílẹ̀. A yí i síwá, a yí i sẹ́yìn, ó pẹ́ díẹ̀ ká tó rí i pé bàtà ni wọ́n ń tà. Iye owó kò sí níbẹ̀ rárá.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń ta àdìrẹ ní Míṣọ̀n Róòdù, mú ti tirẹ̀ wá bá wa. Owó àjọ tó kó ló fẹ́ fi tẹ ẹ̀dà 500. Àdìrẹ tó kó wá láti ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ti wà lórí igbá láti ìgbà Iléyá, ó sì fẹ́ kó tán kí Kérésì tó dé. Atẹ̀wé ti ya fíláyà náà sórí kọ̀ǹpútà, ó ku kó tẹ̀ ẹ́.

“Bùọ̀dá, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó dùn ún wò?”

A ní, “Ó dùn ún wò, Màmá. Èló lẹ wá ń ta àdìrẹ yín?”

“Háà! Tí wọ́n bá ti pè mí, màá sọ fún wọn.”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ tí a jọ ṣe lórí ìwé yẹn lọ́jọ́ náà la fẹ́ ṣàlàyé fún yín, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń náwó sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílùú onílùú, tí fóònù ò sì dún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ìwé náà ṣe rí. Lókè pátápátá ni àdúrà wà, orúkọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e pẹ̀lú lẹ́tà kọ́lọkọ̀lọ tó gba ìdá mẹ́ta ìwé náà. Fọ́tò màmá fúnra rẹ̀ wà láàárín. Lábẹ́ fọ́tò, wọ́n to oríṣi ọjà mẹ́rìnlá sílẹ̀, láti orí àdìrẹ títí dé ìlẹ̀kẹ̀ àti fìlà. Nọ́ńbà fóònù mẹ́rin wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Àwòrán àdìrẹ ló wà lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí láti òkè dé ilẹ̀, tí lẹ́tà ń rìn lórí rẹ̀.

Ẹni tí a na fíláyà sí lójú ọ̀nà, ìbéèrè mẹ́ta ló wà lọ́kàn rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń tẹ̀ léra nìyí: kí ni wọ́n ń tà, èló ni, níbo ni mo ti lè rí wọn? Tí kò bá rí ìdáhùn sí àkọ́kọ́, kò ní dé ìkejì. Kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ ṣọ́ọ̀bù kó tó mọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Torí náà, ohun tó yẹ kó tóbi lórí ìwé náà ni ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, kì í ṣe ohun tó wu ẹni tó ni ín.

Ojú kì í kà lọ bí ọmọ ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Ohun tó tóbi jù tó sì dúdú jù ló ń kọ́kọ́ bà lé, lẹ́yìn náà ló ń wá ohun tó tẹ̀ lé e ní títóbi, ó sì máa ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Tí ohun mẹ́fà bá tóbi bákan náà, ojú ò ní mọ èyí tó máa kọ́kọ́ wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé màmá nìyẹn: orúkọ ń pariwo, fọ́tò ń pariwo, àdúrà ń pariwo, ọjà tó fẹ́ tà ni kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

A wá mú pépà funfun kan tó jẹ́ ìdajì A4. A5 ni àwọn atẹ̀wé ń pè é, 148 mìlímítà ní ìbú, 210 ní gígùn. A fi rúlà fa ìlà yí i ká ní mìlímítà 10 sí etí, a ní kò gbọdọ̀ sí lẹ́tà kankan tó kọjá ìlà yẹn. Ìdí ni pé abẹ tí wọ́n fi ń gé ìwé lè yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kéékèèké kì í sì í lè tẹ nǹkan dé etí ìwé. A ti rí fíláyà tí abẹ gé òdo tó kẹ́yìn nọ́ńbà fóònù lọ.

Lẹ́yìn náà la béèrè lọ́wọ́ màmá pé nínú ọjà mẹ́rìnlá yìí, èwo ni ẹ fẹ́ kó tán? Ó ní àdìrẹ ni. A ní kó fi mẹ́tàlá yòókù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún díẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Ó ní, “Tẹ́nì kan bá ń wá fìlà ńkọ́?” Ẹni tó bá wá ra àdìrẹ máa rí fìlà lórí igbá. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá bá wà lórí ìwé, ẹni tó ń wá àdìrẹ gan-an ò ní rí i.

Ìgbà tó kan iye owó ni àríyànjiyàn dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjà tiwa, nínájà ni. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ò fẹ́ kọ iye sílẹ̀ torí wọ́n ní ẹni tó bá gbà á máa lọ fi bá ẹlòmíì ná an, tàbí pé oníbàárà máa sá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí iye ò bá sí. Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì ò ní ra káàdì láti pe èèyàn tí kò mọ̀, kó lè gbọ́ iye tó lè ju agbára rẹ̀ lọ. Á kàn gbà pé ó wọ́n. Àwọn tó sì máa pè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni owó wọn ò tó, ẹ óò sì máa fi ọjọ́ gbogbo dá wọn lóhùn. Iye tó wà lórí ìwé ti yọ àwọn yẹn kúrò kí fóònù tó dún.

Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé kó kọ iye ọjà kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀: yáàdì márùn-ún, ₦15,000. Tí ẹnì kan bá fẹ́ rà ju ọ̀kan lọ, ibẹ̀ ni nínájà máa ti wáyé, lẹ́nu, nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má ṣe kọ “bẹ̀rẹ̀ láti” síwájú iye tí kò sí ju aṣọ kan lọ tí ẹ lè tà bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tó bá dé tí ẹ sọ fún un pé ti iye yẹn ti tán máa ṣe ojú burúkú, á sì sọ fún ẹlòmíì. Ẹ má sì kọ iye láìkọ ìwọ̀n. ₦15,000 nìkan, ẹnì kan á rò pé yáàdì kan ni, ẹlòmíì á rò pé ìró àti bùbá tí wọ́n ti rán ni.

Nísinsìnyí a wá pín ojú ìwé náà. Ìdajì òkè ni a fún ọjà: ìlà kan tó sọ pé “Àdìrẹ Abẹ́òkúta”, fọ́tò aṣọ kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀. Iye tẹ̀ lé e, lábẹ́ fọ́tò gan-an. Ìdá mẹ́rin ìsàlẹ̀ ni a fún fóònù àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, lókè àdírẹ́sì, torí ibẹ̀ ni oníbàárà ti máa nílò rẹ̀. Fọ́tò màmá kúrò. Àdúrà náà kúrò, màmá ní òun á máa gbà á lẹ́nu.

Nípa títóbi lẹ́tà, pọ́ìntì ni àwọn atẹ̀wé fi ń wọ̀n ọ́n, pọ́ìntì 72 ló wà nínú ínǹṣì kan. Lórí A5 yìí, a fi iye owó sí pọ́ìntì 72 ní lẹ́tà tó ki. Nọ́ńbà náà ga tó bíi mìlímítà 18 tí a bá fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí ìwé. Orúkọ ọjà wà ní 36, nọ́ńbà fóònù ní 30, àwọn ọ̀rọ̀ tó kù ní 12. Bí a bá tún fi 14 àti 18 àti 24 sáàárín wọn, ìyàtọ̀ tí ojú ń wá á pòórá. Ó yẹ kí ohun tó ṣe pàtàkì tóbi tó ìlọ́po méjì ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kó súnmọ́ ọn. Tó bá fi díẹ̀ ju èkejì lọ, ńṣe ló máa dà bí àṣìṣe.

Àlàfo náà ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe òfò. Màmá ní kí ni a fẹ́ fi gbogbo funfun yẹn ṣe, ṣebí òun náà ló sanwó pépà. Ẹ wò ó báyìí: ohun tó bá súnmọ́ra, ojú máa ń kà á sí ọ̀kan. Torí náà, a fi mìlímítà bíi 2 sí 3 sáàárín ₦15,000 àti “yáàdì márùn-ún”, kí wọ́n di mọ́ra. Àmọ́ láàárín iye àti fóònù, a fi mìlímítà 10 sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i. Funfun tó yí iye ká yẹn ló ń jẹ́ kó jáde síta. Ṣé ẹ rí orógbó kan ṣoṣo nínú abọ́ funfun? Ẹ tètè máa rí i. Ẹ wá dà á mọ́ obì àti ataare.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló kàn, ibí yìí sì ni àwa tí à ń ta aṣọ ti máa ń ṣubú. Aṣọ àdìrẹ kún fún iṣẹ́ ọnà: ìlà, àmì tó-tò-tó, ẹyẹ, ewé. Tí ẹ bá fi fọ́tò rẹ̀ tẹ́ gbogbo ìwé, tí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ lé e lórí, apá kan lẹ́tà máa bọ́ sórí ibi dúdú, apá kan sórí ibi funfun, kò sí àwọ̀ lẹ́tà tó máa hàn lórí méjèèjì. Fọ́tò ní ààyè tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ní ààyè tirẹ̀. A lo àwọ̀ aró tó dúdú dáadáa lórí funfun fún gbogbo ọ̀rọ̀, a fi pupa sí iye nìkan. Àwọ̀ yẹ́lò lórí funfun kì í hàn, pupa lórí dúdú máa ń rì, pupa lórí ewé sì wà tí ojú àwọn kan kò lè yà sọ́tọ̀ rárá.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ ní kí atẹ̀wé tẹ ẹyọ kan jáde, kí ẹ wá ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ ní dúdú àti funfun. Tí iye tàbí fóònù bá di eérú tí kò hàn mọ́ lórí fọ́tókọ́pì, àwọ̀ tí ẹ lò ò yàtọ̀ síra tó, kódà bó bá dára lójú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní iná lẹ́yìn, pépà ò ní.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àmì náírà àti lẹ́tà Yorùbá. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà olódòdó tí àwọn atẹ̀wé fẹ́ràn kò ní ₦ nínú, wọn ò sì ní ẹ, ọ àti ṣ. Ohun tí ẹ máa rí ni àpótí kékeré kan níwájú 15,000, tàbí kí àmì ìsàlẹ̀ bọ́, kí ọ̀wọ̀ di owo. Lẹ́tà Arial ní gbogbo wọn. Tí kò bá sí ₦ lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, tó bá jẹ́ Microsoft Word ni wọ́n ń lò, kí wọ́n tẹ 20A6, kí wọ́n wá tẹ Alt+X lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á yí padà sí ₦. Tí iṣẹ́ bá ń lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn fún títẹ̀, kí ó lọ ní PDF, kí lẹ́tà má baà yí padà lọ́nà.

Fóònù. Màmá ní nọ́ńbà mẹ́rin, méjì nínú wọn kì í tan. A mú ẹyọ kan, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ tó sì wà lórí Wáásáàpù. Nọ́ńbà mọ́kànlá tó lẹ̀ mọ́ra ṣòro láti kà, ṣòro láti tẹ̀. A là á sí mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin, bíi 0800 000 0000, ó dà bí bí a ṣe ń kà á fúnra wa lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, láti orí ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ jáde, ẹ ka nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì kó fi fóònù tirẹ̀ pè é. Ẹ má ka èyí tó wà lórí yín o. Àwa náà ti jìyà rẹ̀ rí: ẹ̀dà 1,000 la tẹ̀, a fi 6 sí ibi tí 9 yẹ kó wà. Ojú wa là á kọjá lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ohun tó wà lọ́kàn wa ni à ń kà. Ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí ló ń gba ìpè àwọn oníbàárà wa, tó sì ń bú wọn. Àpò owó yẹn ò padà.

Fún àdírẹ́sì, nọ́ńbà ilé nìkan ò ran ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ púpọ̀. A kọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń júwe ọ̀nà: Míṣọ̀n Róòdù, tí ẹ bá ń bọ̀ láti Ríǹgì Róòdù, ọwọ́ ọ̀tún, àti ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ tó wà ní ìdojúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ìlà méjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èdè wo la máa fi kọ ọ́? Èyí kan àwa tó wà lẹ́yìn odi gan-an. Ẹni tí màmá fẹ́ pín in fún ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó wà ní Ríǹgì Róòdù lè jẹ́ ọmọ Ẹdó, Esan, Urhobo tàbí Ígbò. A ò kọ èdè méjì sójú kan náà, torí gbogbo ọ̀rọ̀ á di ìlọ́po méjì, lẹ́tà á sì kéré. Ojú kan jẹ́ Yorùbá, ẹ̀yìn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, bákan náà la to méjèèjì. Fọ́tò, ₦15,000 àti nọ́ńbà fóònù ò nílò ògbufọ̀.

Ọ̀pọ̀ fíláyà lónìí ló ń lọ sórí Wáásáàpù pẹ̀lú. Kí ẹ mọ̀ pé ìwé tó fẹ̀ ní mìlímítà 148 máa sún kì lójú fóònù dé nǹkan bíi 65. Lẹ́tà 72 á wá dà bíi 32, ti fóònù tó wà ní 30 á dà bíi 13, èyí ṣì ṣe é kà. Lẹ́tà 12 á di bíi 5, kò sẹ́ni tó máa kà á láìfà á tóbi. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí ohun kan tó ṣe kókó nínú lẹ́tà kékeré. Ẹ tún tẹ nọ́ńbà náà sábẹ́ àwòrán nígbà tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́, kí èèyàn lè fọwọ́ kàn án kó pè, torí nọ́ńbà inú fọ́tò kì í sábà ṣe é tẹ̀.

Nígbà tí a parí, a pe ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. A gbé ìwé àtijọ́ sí i lójú, a ka ení dé àrún, a gbà á. A bi í pé kí ni wọ́n ń tà? Ó ní, “Ìyá kan.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, títí kan màmá. A gbé tuntun sí i lójú bákan náà. Ó ní, “Aṣọ. Fifteen táòsáǹdì.” Ó ní fóònù wà nísàlẹ̀ àmọ́ òun ò kà á tán. Ìyẹn náà tó, torí ẹni tó bá mọ ibi tí fóònù wà máa padà síbẹ̀.

Ohun kan wà tí títo ìwé ò lè ṣe. Tí owó aró tàbí owó aṣọ bá gbéra ní Ìtòkú, ₦15,000 á di gbèsè lọ́wọ́ màmá, ìwé tó sì ti jáde ò ṣeé pè padà. A fi ìlà kékeré kan sábẹ́ iye pé ó dúró di 31 Oṣù Kejìlá. A tún ní kó má tẹ 500 lẹ́ẹ̀kan. Ẹyọ ìwé á wọ́n díẹ̀ tó bá tẹ 200, òótọ́ ni, àmọ́ ó dára ju kó ní 300 tí iye rẹ̀ ti kú lọ.

Ó tẹ 200. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n pín in ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kò sẹ́ni tó béèrè pé èló ni. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá ó ní aláwọ̀ ewé, àti pé ṣé yáàdì márùn-ún tó ìró àti bùbá fún ẹni tó sanra. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ìyá méje ló béèrè rẹ̀, màmá sì ti ní òun máa fi ìdáhùn rẹ̀ sí ìlà kan lábẹ́ iye nínú èyí tí òun máa tẹ̀ tẹ̀ lé e.